Ìlà Àwọn Òṣìṣẹ́ Nínú Ètò Òwò Mi

Ọjọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ mi mọ́ pátákó ní yunifásítì pé olùkọ́ ìdásílẹ̀ òwò máa wá fojú ara rẹ̀ rí ibi tí mo fẹ́ dá òwò sílẹ̀ sí, inú mi kò dùn rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé oríire ni. Èmi dúró níwájú pátákó náà, mo ń ka ìlà kan ṣoṣo yẹn lákàtúnkà, bíi pé ó lè yí padà tí mo bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Ojo ni mí láti kékeré. Ìyá mi máa ń sọ pé tí ewé bá já bọ́ lẹ́yìn ilé, èmi ni mo máa kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tọ̀tẹ̀ yìí ní ìdí. Mo ń tún ọdún kẹta mi ní yunifásítì ṣe ni. Ẹni tó bá tún un ṣe tó sì tún kùnà, ilé ló ń lọ nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún tó ṣáájú, òun náà ni ìwé ètò òwò. Máàkì tí mo gbà níbẹ̀ kéré débi pé ó fa gbogbo èyí tó kù lulẹ̀.

Ayé ìjọba Ìyípadà ni, ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámárádì. Ṣáájú àkókò yẹn, ẹni tó bá ti jáde yunifásítì, iṣẹ́ ìjọba ń dúró dè é. Nígbà tó yá, ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn tó ti gbàwé ẹ̀rí tán ń jókòó ní ìta ilé bàbá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ẹ̀kọ́ tuntun yìí kún ẹ̀kọ́ wa, pé ká lọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wa. Àwa tí wọ́n ti fi orin kọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ kékeré pé ẹni tó ń jèrè lórí ẹlòmíràn ọ̀tá ìlú ni, a wá jókòó ní kíláàsì, à ń kọ́ bí èrè ṣe ń wá. Ìgbà míràn mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà kíláàsì, mo máa ń rò pé ẹnìkan máa wọlé wá kó gbogbo wa lọ.

Olùkọ́ wa, ọmọ Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ọjọ́ tó dá ìwé wa padà lọ́dún tí mo kùnà, ó sọ fún wa bó ṣe ń kà á. Ó ní kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ìwé bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde lóṣooṣù, èyí tí a máa ń fi sẹ́yìn, òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn náà ló máa wá padà síwájú, láti wò ó bóyá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹnu sọ àti ohun tó fi nọ́ńbà sọ jọra. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń kọ àkótán ìwé ṣáájú, a óò wá yí nọ́ńbà padà nígbà tó bá yá, a óò gbàgbé pé àkótán ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń kọ́kọ́ lọ. Ó ní tí a bá kọ iye kan sílẹ̀ tí a kò sọ ibi tí a ti rí i, lójú tòun, ńṣe la lá a lójú àlá.

Ìwé tèmi wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ bébà náà. Ó kà á sókè pé: "Gbogbo ènìyàn ló ń jẹ gàrí, nítorí náà ọjà máa yá." Ó wá bi kíláàsì pé: "Ta ni gbogbo ènìyàn? Ibo ló ń gbé? Ọwọ́ ta ló ti ń rà á báyìí, kí ló sì máa mú un fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ wá bá ọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé èmi ni.

Nítorí náà, lọ́dún tí mo ń tún un ṣe yìí, n kò jókòó sí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohunkóhun. Ìlú mi ni mo padà sí. Gàrí náà ni mo tún mú, nítorí pé òun ni mo mọ̀: ìyá mi ń ṣe gàrí ní Ikpinlè, lábẹ́ Adja-Ouèrè, láti ìgbà tí mo ti lè rántí. Èrò mi ni pé kí n ra ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, kí n gbé e sí abẹ́ àtíbàbà ìyá mi, kí n máa ṣe gàrí púpọ̀, kí n máa kó o lọ tà ní Àjàṣẹ́. Mo mú ìwé kan dání tí yunifásítì fi òǹtẹ̀ lù, pé kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Mo rò pé òǹtẹ̀ náà máa ṣí ilẹ̀kùn.

Òǹtẹ̀ náà ló tì í. Ilé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ọ̀rẹ́ ìyá mi ló ni ín, obìnrin tó ti gbé mi pọ̀n rí. Mo bi í pé àpò gàrí mélòó ló ń ṣe lóṣù. Ó wo bébà ọwọ́ mi, ó wo kálámù mi.

"Ọmọ mi, ta ló ní kí o wá bi mí?"

"Ilé ẹ̀kọ́ ni, Ìyá."

"Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ gba gàrí mi ni?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Ó ní gàrí kò tilẹ̀ sí lọ́dún yìí, ẹ̀gẹ́ ti jẹrà nínú ilẹ̀. Àpò gàrí mẹ́rin sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó fi aṣọ bò wọ́n. Ilé kejì, wọ́n ní ìyáálé kò sí nílé. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ní Oko-Akarè, bàbá arúgbó kan sọ fún mi láìfepo bọyọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ebè ẹ̀gẹ́ òun náà, ọmọ òun ni. N kò bá a jà. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ti rí kí ìjọba wá béèrè lónìí, kí wọ́n wá kó o lọ lọ́la. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Kò pẹ́ tí dẹlẹgé fi ránṣẹ́ pe bàbá mi. Dẹlẹgé ni olórí abúlé nígbà yẹn, ìjọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin títóbi tó máa ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ eérú tí kì í tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ nínú oòrùn. Èmi àti bàbá mi jọ lọ. Bàbá mi, tó ń bú ènìyàn láti orí ọ̀pẹ nígbà tó bá ń dá ẹmu ní Massè, kò sọ ohunkóhun lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kọjá ti ìdánwò.

Dẹlẹgé gba ìwé mi, ó kà á fínnífínní, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Kámárádì," ó pè mí bẹ́ẹ̀, èmi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, "ta ló ń ka iye ẹ̀gẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí?"

Bàbá mi ló fèsì: "Ìjọba ni, Kámárádì dẹlẹgé."

"Tí wọ́n bá wá béèrè lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì àgbègbè pé kí ni ọmọ rẹ fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ tó ń kà ṣe, kí ni kí n wí?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó dá bàbá mi padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere, ó dá ìwé mi dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí n má lọ láti ilé dé ilé mọ́. Ó sì fi kún un pé tí olùkọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé náà pé ó ń bọ̀ bá dé, òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Bí ilé kò ṣe ṣí fún mi mọ́, ọjà ni mo gbà lọ. N kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta gàrí ní ọjà Ikpinlè, mo ń ra díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń fi tòngólò wọn gàrí, abọ́ tánganran tí gbogbo wa mọ̀, mo sì ń wo bí òkìtì orí rẹ̀ ṣe ń ga tàbí tó ń rọlẹ̀ bí gàrí bá ṣe wọ́n sí. Tí mo bá délé ni mo máa ń kọ ohun tí mo rí: ọjọ́ ọjà, iye tí wọ́n tà á, irú ẹni tó rà á, bóyá ará ilé ni tàbí alájàpá tó ń kó o lọ sí ìlú. Mo tẹ̀ lé àwọn alájàpá dé Àjàṣẹ́, mo rí ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi sẹ́yìn ìwé gẹ́gẹ́ bí àfikún. Mo mọ̀ pé ìyẹn dára. Mo tún kọ ohun tó lè ba òwò náà jẹ́, nítorí olùkọ́ ti sọ pé ètò tí ewu kò sí nínú rẹ̀, irọ́ ló wà nínú rẹ̀: ẹ̀rọ lè bàjẹ́, òjò lè di ọ̀nà, ẹ̀gẹ́ a máa wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí ilẹ̀ ti le jù láti fà á. Mo ṣírò oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àkótán ni mo kọ kẹ́yìn.

Ti inú iṣẹ́ gàrí gan-an, abẹ́ àtíbàbà ìyá mi nìkan ló ṣí fún mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń kọ gbogbo ohun tí owó bá jáde fún: igi ìdáná, àpò, okùn, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹrù. Àwọn obìnrin máa ń dé ní òwúrọ̀, wọ́n á jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa ṣèfẹ̀, títí òkìtì náà yóò fi tán. Wọ́n á fọwọ́ rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án lórí agbada. Owó kankan kò kọjá láti ọwọ́ ìyá mi sí ọwọ́ wọn. Nígbà tí mo dé orí ìlà tó sọ pé "àwọn òṣìṣẹ́", mo kọ òdo sí i. N kò tilẹ̀ ronú lé e lórí. Èrè tó yọ lẹ́yìn ìyẹn dára gan-an, ó dára ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi lọ.

Ọjọ́ tí olùkọ́ ń bọ̀ pé. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ilẹ̀ dúdú wa yẹn sì máa ń mú ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àtè. Mo ń gbàdúrà pé kí alùpùpù rẹ̀ rì, kí ó padà, mo sì tún ń gbàdúrà pé kí ó má rì, nítorí tí kò bá dé, kò sí máàkì ìbẹ̀wò. Ó dé ṣáá. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀. Dẹlẹgé ti dúró sójú ọ̀nà láti òwúrọ̀ nínú ẹ̀wù eérú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí i ní kíkí ìjọba, olùkọ́ náà dá a lóhùn. Bàbá mi fún un lómi. Mo mú wọn lọ sí abẹ́ àtíbàbà.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Òkìtì ẹ̀gẹ́ wà, bí wọ́n ṣe fà á dé lánàá, eṣinṣin ń fò lórí rẹ̀. Agbada tutù. Àga ìyá mi ṣófo. Ìgbà náà ni mo wá rántí ohun tí mo ti mọ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́njú: ọjọ́ náà kì í ṣe ti ìyá mi. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, èyí tó sọ fún mi pé ẹ̀gẹ́ òun ti jẹrà. Gbogbo wọn ti lọ síbẹ̀ lọ bó ẹ̀gẹ́, ìyá mi náà ti lọ.

Olùkọ́ ṣí ìwé mi. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe sọ.

"Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ dà?" ó béèrè ní Faransé.

Kí n tó la ẹnu, dẹlẹgé ti gbà á lẹ́nu mi. "Wọ́n wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe, Kámárádì ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn obìnrin wa ní ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe tó lágbára púpọ̀, bí ìjọba ṣe fẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Lójú rẹ̀, ó ti gbà mí lẹ́nu ẹkùn.

Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè sí mi. "Ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe. Ó dára. Ìpín wọn nínú èrè dà nínú ìwé yìí? Àdéhùn tó wà láàárín ìwọ àti ẹgbẹ́ náà dà? Òdo ni mo rí."

Bàbá mi ń wò mí, kò gbọ́ Faransé ṣùgbọ́n ó ń ka ojú mi. Tí mo bá gbà pé ẹgbẹ́ ni, ìwé mi ti já lójú ibẹ̀, nítorí kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú rẹ̀, ohun tí mo fẹnu sọ àti ohun tí mo fi nọ́ńbà sọ kò jọra. Tí mo bá ní kì í ṣe ẹgbẹ́, mo ti pe dẹlẹgé ní òpùrọ́ lójú àlejò, èmi á padà sí yunifásítì, ó máa ku bàbá mi lábúlé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọjọ́ yẹn, n kò ní owó èké, n kò sì fẹ́ gbé òtítọ́ sórí.

N kò mọ ibi tí mo ti rí ohùn. Mo ní: "Àáró ni, ọ̀gá. Lónìí, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n wà. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ fún un bí òun náà ṣe wá bó fún ìyá mi."

"Kí ni wọ́n ń gbà?"

"Wọn kì í gba nǹkan. Ẹni tí wọ́n bá ṣe fún ló máa lọ ṣe fún wọn padà, yípo yípo."

Ó wo òkìtì ẹ̀gẹ́ náà. "Nígbà tí o bá ti wá ní ẹ̀rọ, tí ẹ̀gẹ́ tìrẹ bá di ìlọ́po mẹ́ta, tí ọ̀rẹ́ ìyá rẹ ṣì wà ní iye tó wà, ta ló máa lọ san àáró ìlọ́po mẹ́ta yẹn padà? Lọ́jọ́ wo?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi tútù. Mo mọ àáró, àáró ló tọ́ mi dàgbà, mo ti jókòó sẹ́yìn ìyá mi lọ sí ilé onílé nítorí rẹ̀. Àmọ́ nítorí pé owó kò sí nínú rẹ̀, n kò kà á kún gbèsè. Ìyá mi kò lè wà ní ilé mẹ́ta lóòjọ́ kan náà. Gbogbo èrè dídára yẹn, orí òdo ló dúró lé.

Dẹlẹgé húkọ́. Mo rò pé ó ti parí fún wa. Ó ní: "Ẹn-ẹn, Kámárádì ọ̀jọ̀gbọ́n, àáró náà, ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe ni kẹ̀, ti àwọn bàbá wa." Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Dẹlẹgé náà rẹ́rìn-ín, bàbá mi tí kò gbọ́ ohunkóhun rẹ́rìn-ín nítorí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni ìyá mi dé. Ẹnìkan ló ti sáré lọ sọ fún un pé àlejò ìjọba wà nílé òun. Funfun ẹ̀gẹ́ ti gbẹ mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí olùkọ́, ó sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, kò jókòó. Olùkọ́ ní kí n bi í bóyá ó máa gbà láti máa san owó fún àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo bi í.

"Kí n sanwó fún ọ̀rẹ́ mi?" Ìyá mi wò mí bíi pé mo bú u. "Sọ fún un pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ jókòó sórí àpótí, ó na bébà mìíràn sí mi. Ó ní kí n ṣe ìlà náà lójú òun. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní òwò, ó ní, kì í gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ètò rẹ̀ ní ihò. Lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tí ihò náà wà ló ti ń gbà á. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo gbé bébà lé orí agbada tó tutù, mo ń kọ. Mo mọ iye tí lébìrà ń gbà ní oko ní àgbègbè wa; ìyẹn ni mo fi díwọ̀n ọwọ́ obìnrin kan fún ọjọ́ kan. Mo kọ́kọ́ fi àwọn tó ń bó o sí i, èrè náà sọ̀kalẹ̀ títí ó fi kù bíńtín. Ibi tí owó tó ń wọlé ti máa tó owó tó ń jáde wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kan lè rin lọ́dún kan.

"Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ńkọ́?" ó béèrè. "Ẹni tó ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ wá dáná? Èló ló ń gbà?"

Ìyẹn náà kò sí nínú ìwé. Mo fi í sí i. Gbogbo oṣù tó wà lórí bébà náà wọ inú àdánù, láti oṣù kìíní dé ìkẹyìn. Mo yọ ọwọ́ kúrò, mo wò ó. Mo rò pé mo ti padà sílé nìyẹn, pé mi ò ní rí yunifásítì mọ́.

Olùkọ́ kò sọ pé mo kùnà, kò sọ pé mo yege. Ó ní kí n wò ó dáadáa, kí n sọ ohun tí bébà náà ń sọ. Mo ní bóyá kí n má ṣe gàrí. Bóyá kí n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, kí gbogbo obìnrin tó bá bó ẹ̀gẹ́ tiẹ̀ tán máa gbé e wá, kí n máa rin ín fún wọn ní abọ́ abọ́, kí wọ́n san owó ìrin nìkan. Àáró wọn á wà lọ́wọ́ wọn. Èmi á san owó ẹnìkan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, epo, àti àtúnṣe. Èrè rẹ̀ kéré, kò ní dùn ún kà lójú ẹlẹgbẹ́. Ó ní kí n lọ kọ ọ́, kí n fi ti àkọ́kọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí n sọ ìdí tí mo fi pa á tì. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbàgbé láti yí àkótán padà. Lẹ́yìn náà ló gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Mo kọ ọ́, mo fi í sílẹ̀ ní yunifásítì kí gbèdéke tó pé, mo sì dúró. N kò lè ṣàlàyé ìdúró yẹn. Oúnjẹ di igi lẹ́nu mi. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí lẹ́yìn, mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé kí n di ẹrù mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó, n kò lè lọ fúnra mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ló lọ wò ó, ó padà wá, ó ní mo kọjá. Kì í ṣe máàkì tó ga, ṣùgbọ́n ó tó láti dúró. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n lù.

Nígbà tí mo padà sílé, mo gbé ìwé náà fún ìyá mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní kí n ka tòun fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ẹ̀rọ ìrin. Ó fi ọwọ́ dá mi dúró.

"Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí o kọ lórí agbada mi."

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé. Mo kà á fún un lóṣooṣù, mo túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, owó igi, owó àpò, owó àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, owó ẹni tó ń jí wá dáná. Mo sọ fún un pé nígbà tí a bá san ti gbogbo ènìyàn tán, ohun tó kù kò tó, àdánù ni, oṣù dé oṣù.

Ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ bó ti ń gbọ́, ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró.

"Gàrí yìí ni mo fi rán ọ lọ sílé ìwé," ó ní. "Àti àwọn àbúrò rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ìwé yìí sì ní àdánù ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló wá ń san àdánù náà láti ọjọ́ yìí wá?"

Gbogbo ohun tí mo ti bẹ̀rù lọ́dún yẹn, dẹlẹgé, pátákó, olùkọ́ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í lọ sókè, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó ìbéèrè náà. Mo mọ ìdáhùn, ó wà níwájú mi lórí bébà. Mo ní: "Ẹ̀yin ni, Ìyá." Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀, ó nawọ́ mú ẹ̀gẹ́ mìíràn nínú òkìtì.